Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́wàá Àkọ́kọ́ Nínú Fídíò Ìṣàfihàn Ọjà

Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ fídíò tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣàfihàn ọjà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀. Ojú fóònù á kọ́kọ́ ṣókùnkùn, lógò ilé-iṣẹ́ á yí wọlé pẹ̀lú orin, ẹnì kan á yọjú, á kí gbogbo ènìyàn, á dárúkọ ara rẹ̀, á sọ bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, á sì wá ní òun fẹ́ fi ọjà tuntun kan hàn wọ́n lónìí. Nígbà tó bá fi máa sọ gbólóhùn ìkẹyìn yìí tán, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti kọjá, ọjà kò tíì jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kí sì ti lọ.

Ìdí tí wọ́n fi ń lọ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó tẹ fídíò rí àkọlé kan àti àwòrán ìta kan kó tó tẹ̀ ẹ́, ìlérí sì ni méjèèjì jẹ́ lójú rẹ̀. Bí fídíò bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lógò kò lè dá a lóhùn. Orin náà kò lè dá a lóhùn. Dátà rẹ̀ ń lọ, fídíò mìíràn sì wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Àwọn tó ń ta oògùn nínú ọkọ̀ èrò l'Ékòó lè fi àdúrà gígùn bẹ̀rẹ̀ ìpolówó wọn, kí wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sórí ìtàn bí wọ́n ṣe rí egbògi náà, torí pé ọkọ̀ ti gbéra, kò sì sí èrò tó máa bọ́ sílẹ̀ láàárín afárá. Ẹni tó ń wo fídíò lè bọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni àwọn ojúlé fídíò gan-an fi èyí sọ́kàn nínú bí wọ́n ṣe ń ka iye. Lórí Facebook, iye kan wà tó ń ka wíwò tó bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá 3. Lórí YouTube, ẹni tí ìpolówó ọjà bá já lù lè fò ó kọjá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5, bí ìpolówó náà bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé fò. YouTube sì máa ń sọ fún ẹni tó ni fídíò, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì ń wò ó nígbà tó pé ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí à ń sọ bọ́ sí àárín gbogbo èyí: ó kọjá ibi tí ẹni tó ṣèèṣì tẹ fídíò máa ń jáde, kò sì tíì dé ibi tí àlàyé ti ń bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu.

Kí ẹnikẹ́ni tó gé ohunkóhun kúrò nínú fídíò, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jáde. Nínú YouTube Studio, lábẹ́ Analytics, gíráàfù kan wà fún fídíò kọ̀ọ̀kan tó ń fi hàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iye ìdá àwọn tó ṣì ń wò. Ó máa ń tó ọjọ́ kan sí méjì kí iye tuntun tó hàn nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ènìyàn fẹ́ rí ní wákàtí tó gbé fídíò sókè. Ìlà gíráàfù náà máa ń já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò gbogbo, ti àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú pàápàá. Bí ó ṣe ga tó nígbà tó já, àti ibi tó ti já gan-an, ni kí a wò.

Bí ìlà bá ṣubú gọngọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí àkọlé tàbí àwòrán ìta ti pe ẹni tí kò yẹ kó pè, tàbí kó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tó hàn kò jọ àwòrán ìta rárá. Bí ìlà bá dúró díẹ̀ kó tó ṣubú nígbà tí lógò ń yí tàbí nígbà tí ìkíni ń lọ, àwọn tó yẹ ló tẹ̀ ẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ló lé wọn. Bí ó bá jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá ogún sí ọgbọ̀n ló ti ṣubú, ìbẹ̀rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ohun tó tẹ̀ lé e ló ní àbùkù. Ibi tí ìlà bá ti tún gòkè lójijì tún ṣe pàtàkì. Ó túmọ̀ sí pé àwọn ènìyàn fo iwájú kọjá láti wá ibẹ̀, tàbí pé wọ́n padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Nínú fídíò ìṣàfihàn ọjà, ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ibi tí ọjà náà ti ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe.

A lè fi fídíò ẹ̀rọ ìgúnyán oníná ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ní abọ́ àti abẹ nínú, tí wọ́n ń kó iṣu tó ti jinná sí. Ká ní fídíò náà gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lógò àti orin gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Arábìnrin tó ń ṣàfihàn kí àwọn ènìyàn, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú àáyá kẹsàn-án. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ nípa ilé-iṣẹ́, ó bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì kí wọ́n lè máa rí fídíò tuntun, ó gbé páálí jáde, ó ka agbára ẹ̀rọ náà lára rẹ̀, ó sì ń ṣí i. Ìṣẹ́jú kan àti àáyá mẹ́wàá ti kọjá kí iṣu tó wọnú abọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú méjì ni iyán jáde. Gíráàfù irú fídíò bẹ́ẹ̀ á ṣubú láàárín àáyá kẹrin sí ìkẹwàá, á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí páálí ń ṣí, á sì tún gòkè níbi tí iyán ti ń jáde. Àwọn tó dúró ti fi ìka wọn sọ ohun tí wọ́n wá wò.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe ni láti kọ ìbẹ̀rẹ̀ náà sórí ìwé, kí a fa ìlà sí àárín ojú ewé, kí a kọ ohun tí ojú ń rí sí apá kan àti ohun tí etí ń gbọ́ sí apá kejì, àáyá sí àáyá, títí dé ọgbọ̀n. Níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí a bi ara wa pé kí ni ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgúnyán mọ̀ lẹ́yìn ìgbà tó rí i tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú fídíò tí à ń sọ yìí, kò sí ìlà kan tó ní ìdáhùn títí dé àáyá kejìdínlógún. Iṣẹ́ yìí kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, ó sì sàn ju kí ènìyàn máa wo fídíò náà léraléra, nítorí pé orin àti lógò máa ń tan ẹni tó ṣe é jẹ, ó sì ti ná owó sí wọn.

Lẹ́yìn náà ni kí a mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn oníbàárà. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ sábà máa ń rò pé agbára ẹ̀rọ ni oníbàárà fẹ́ gbọ́. Ẹni tó ń jẹyán kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá iyán náà máa ní kókó, bóyá ó máa fà bí iyán odó, tàbí ó kàn máa dà bí iṣu tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra. Èyí tó tẹ̀ lé e ni bóyá jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nílé lè gbé e, àti bóyá fífọ̀ rẹ̀ kò ní le ju gígún lọ. Ibi kókó ló yẹ kí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ti dá a lóhùn. Àwọn tó kù lè dúró de ipò wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ tuntun lè rí báyìí. Láti àáyá àkọ́kọ́ títí dé ìkẹta, ìgbakọ ń gbé iyán jáde láti inú abọ́ ẹ̀rọ, kámẹ́rà súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí iyán fi gba gbogbo ojú fóònù, ooru sì ń jáde lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Àkọlé kúkúrú kan wà lójú rẹ̀: «Kò sí odó, kò sí kókó.» Láti àáyá kẹta títí dé ìkẹfà, ọwọ́ bu òkèlè, ó fà á, ó sì tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka kí inú rẹ̀ lè hàn. Ohùn arábìnrin náà wọlé: «Iyán yìí kò fojú kan odó.» Láti àáyá kẹfà títí dé ìkẹwàá, abọ́ ẹ̀rọ náà ti ṣófo, ègé iṣu sísè ń bọ́ sínú rẹ̀, ohùn sì ń sọ pé: «Ẹ wo bí a ṣe gún un. Lẹ́yìn náà a ó fi iṣu tuntun dán an wò.»

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń dá ènìyàn dúró. Ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn tó ń ṣe fídíò ni pé bí wọ́n bá fi àbájáde hàn níbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa dúró wò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rí iyán tó dára fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó sì fẹ́ mọ bóyá ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti gúnyán rí ló mọ̀ pé iṣu tuntun máa ń lómi, iyán rẹ̀ kì í sì í dán mọ́rán. Nígbà tí fídíò bá ṣèlérí pé òun máa fi iṣu tuntun dán ẹ̀rọ náà wò, ó ti fi ìbéèrè gidi kan sílẹ̀ tí kò tíì dáhùn. Kí ìdáhùn rẹ̀ wá wà nínú fídíò náà lóòótọ́, kódà bí iyán iṣu tuntun náà kò bá dára tó ti iṣu àgbà. Ẹni tó rí ibi tí ẹ̀rọ kò ti lágbára á gba ibi tó ti lágbára gbọ́.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Blendtec ní Utah, ní Amẹ́ríkà, fi kọ́ ọ̀pọ̀ fídíò rẹ̀ lé bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2006. Tom Dickson, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, á mú ohun kan tí kò sẹ́ni tó ń lọ̀, á sì béèrè bóyá ẹ̀rọ ìlọta òun lè lọ̀ ọ́. Ní 2007, fóònù iPhone tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló jù sínú rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó ẹ̀rọ tàbí bí mọ́tò rẹ̀ ṣe lágbára tó, ìbéèrè rẹ̀ sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé á fi dúró de ìdáhùn.

Ti ìkíni gba ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé láàárín Yorùbá, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn kò níwà. Ìmọ̀ràn àwọn àjèjì pé kí a pa ìkíni rẹ́ pátápátá lè mú kí ẹni tó ń ṣàfihàn dà bí ẹni tó ń jà, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń bá àwọn àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí a pa á rẹ́. Kí a sọ ọ́ di kúkúrú, kí ọwọ́ sì máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ẹnu ń kí. «Ẹ kú ilé o» kò gba ju àáyá kan lọ, ó sì lè wọlé nígbà tí iṣu ń bọ́ sínú abọ́. Orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ lè wà ní kíkọ ní ẹ̀gbẹ́ ojú fóònù láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é. Ẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ènìyàn tẹ bọ́tìnnì á dúró de ìgbà tí wọ́n bá ti rí nǹkan kan tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún.

Yíyà àwòrán àkọ́kọ́ náà ló gba sùúrù jù. Iyán funfun nínú abọ́ funfun kì í hàn dáadáa, nítorí náà abọ́ tàbí aṣọ orí tábìlì tó ní àwọ̀ dúdú ló yẹ. Kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá láti ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe wá láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí ooru àti bí iyán ṣe ń fà lè hàn. Iyán kì í pẹ́ tutù, ooru rẹ̀ sì máa ń lọ ní kíákíá, nítorí náà kí kámẹ́rà ti wà ní ipò kí ẹ̀rọ tó dúró. Bí àwòrán àkọ́kọ́ kò bá dára, kí a tún iṣu mìíràn sè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iyán odó sínú abọ́ ẹ̀rọ láti yà á. Yàtọ̀ sí pé irọ́ ni, àwọn tó mọ iyán á dá a mọ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ níbi tí gbogbo ènìyàn ti máa kà á.

Fídíò náà gbọ́dọ̀ yé ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo fídíò láìṣí ohùn, nínú ọkọ̀, ní ibi iṣẹ́, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn. Bí ènìyàn bá pa ohùn fídíò tirẹ̀ kó tó wò ó, á mọ̀ kíákíá bóyá àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ sọ nǹkan kan fún ojú nìkan. Kí lẹ́tà àkọlé tóbi, kó má ju ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, kó sì jìnnà sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fídíò olóòró, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn bọ́tìnnì máa ń bo. Kí a sì fi àmì ohùn sí i. Odó àti odò ò jọra, ẹni tó ń kà á kíákíá kò sì ní àyè láti rò ó.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ṣe ìbẹ̀rẹ̀ tuntun tó dára, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú fídíò àtijọ́, lógò àti orin á sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àáyá kẹwàá. Ìṣubú tó wà ní àáyá kẹrin tẹ́lẹ̀ kàn ṣí lọ sí àáyá kejìlá ni. Ìṣẹ́ tí iṣu tó ń bọ́ sínú abọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ síwájú: kí ọwọ́ de ìdérí, kó tẹ bọ́tìnnì, kí ariwo ẹ̀rọ sì wọlé bó ṣe rí gan-an. Nígbà tí ẹ̀rọ ń yí ni ohùn lè sọ̀rọ̀ nípa agbára rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e, torí pé ojú ti rí nǹkan wò.

Fún fídíò tó ti wà lórí YouTube tẹ́lẹ̀, kò sí ọ̀nà láti fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí ojúlé kan náà. Ṣùgbọ́n nínú YouTube Studio, Editor wà tí ènìyàn lè fi gé iwájú fídíò kúrò, kí iye àwọn tó ti wò ó àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ má sì parẹ́. Bí fídíò bá ti kọjá 100,000 wíwò, YouTube lè má gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nínú ètò tó fi ń san owó fún àwọn oní-fídíò. Gígé nìkan ni Editor yìí ń ṣe fún ìbẹ̀rẹ̀, kò lè gbé iyán láti ìparí wá sí iwájú. Fún fídíò ẹ̀rọ ìgúnyán tí à ń sọ, a lè fi gé àáyá méjìdínlógún àkọ́kọ́ dànù lónìí, nígbà tí a bá ń múra láti ṣe èyí tuntun.

Nígbà tí tuntun bá jáde, ohun kan ṣoṣo ni kó yàtọ̀. Bí àkọlé, àwòrán ìta àti ìbẹ̀rẹ̀ bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́. Iye ènìyàn náà gbọ́dọ̀ tó: bó bá jẹ́ ogójì ènìyàn péré ló wo fídíò, ènìyàn mẹ́rin tó jáde tàbí tó dúró ti jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ kan tí nẹ́tíwọ̀kì kò dára sì lè fa ìyẹn. Kí a fi fídíò wé fídíò mìíràn tí gígùn wọn jọra, tí àwọn tó ń wò wọ́n sì ń gba ọ̀nà kan náà wá. Ẹni tó tẹ «ẹ̀rọ ìgúnyán» láti wá a ní sùúrù ju ẹni tí fídíò náà kàn yọ sí lójú lọ, ẹni tó sì dé orí rẹ̀ láti ojú ewé tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ náà ní sùúrù jù wọ́n lọ pátápátá.

Ìlà tó dúró gbọnin-gbọnin kò sì túmọ̀ sí pé ọjà ń tà. Ẹni tí kì í jẹyán lè wo iyán tó ń fà títí dé òpin nítorí pé ó dùn ún wò, kó má sì ra ohunkóhun, nígbà tí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ lè rí àáyá mẹ́wàá péré, kó jáde, kó sì pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ fídíò. Nítorí náà, kí oníṣòwò ka iye ìpè àti iye ẹ̀rọ tó tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíráàfù náà, kó sì máa bi àwọn tó pè é léèrè ohun tí wọ́n rí nínú fídíò kí wọ́n tó pè.